Sáfà kọ́ ló kú: ìkìlọ̀ òru tó ṣì wá lọ́nà

Bí fóònù bá pariwo lóru pé sáfà 14 kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ó ṣòro kí ẹ̀rọ 14 tí a kò rà lọ́jọ́ kan náà kú pa pọ̀. Ohun tí gbogbo wọn jọ ń gbà kọjá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Nínú yàrá sáfà wa ní Bódìjà, Nẹ́pà mú iná ní aago 12:07 òru. Jẹnẹrétọ̀ tan fúnra rẹ̀ lẹ́yìn bí 20 ìṣẹ́jú àáyá, àpótí bátìrì sì gbé gbogbo sáfà dúró títí iná fi dé. Súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí gbogbo sáfà jọ ń gbà kọjá, nìkan ni ẹnì kan ti ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Òun nìkan ló kú, ó sì máa ń tó bí ìṣẹ́jú 3 kí irú rẹ̀ tó tan tán. Prometheus tó ń ṣọ́ àwọn sáfà wà lódìkejì súwíìṣì yìí.

Ìlànà ìkìlọ̀ wa nígbà náà, `HostDown`, ni `up == 0` fún ìṣẹ́jú 1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé `up` tó di 0 túmọ̀ sí pé sáfà ti kú. Rárá o. Ohun tó ń sọ ni pé Prometheus lọ kàn án, kò sì rí èsì gbà. Bí ọ̀nà bá dí, èsì kò ní wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koko ni ara sáfà le.

Nígbà tó fi máa di 12:09, fóònù àbúrò wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ti ń dún. Ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ti lọ! Ṣé kí n pa wọ́n, kí n tún wọn tàn?”

“Má pa nǹkan kan. Lọ síbi kíbọ́ọ̀dù tó wà nínú yàrá, wọ sáfà dátábéèsì, kó o ka `uptime` fún mi.”

Ọjọ́ 97 ló kà pé sáfà náà ti ń ṣiṣẹ́ láìdúró. Ẹ̀rọ tó kú ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn kò lè ka ọjọ́ 97. Ó wá yíjú sí súwíìṣì, ó rí i pé iná ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ́jú bíi ti ẹ̀rọ tó ń jí. Ká ní ó ti pa dátábéèsì yẹn nígbà tí àkọsílẹ̀ ń wọlé, ìkìlọ̀ irọ́ ì bá di òótọ́.

Ohun kan tún dà á láàmú. Gbogbo nǹkan ti padà sípò ní nǹkan bí 12:10, àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní ìṣòro ti parí kò dé títí di 12:14. Alertmanager, tó ń bá Prometheus fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù, ló fà á: `group_interval` rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 5 bí ẹ kò bá yí i padà, kì í sì í fi ìròyìn tuntun ránṣẹ́ lórí ọ̀wọ́ kan náà kí àkókò yẹn tó pé. Nítorí náà, ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fóònù mọ̀ bóyá nǹkan ṣì bàjẹ́. Ojú Prometheus gan-an ni kí ẹ lọ wò.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wáyà súwíìṣì la kọ́kọ́ gbé lọ sórí àpótí bátìrì, a sì lẹ ìwé pupa mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ ọ́ torí àtigba agbára sí fóònù. Lójú tèmi, èyí nìkan tó ìdajì iṣẹ́ náà.

Àwọn kan ní ká kàn sọ ìṣẹ́jú 1 di 5 fún gbogbo sáfà. N kò fara mọ́ ọn, nítorí bí sáfà ìsanwó bá kú ní tòótọ́, oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wa. A fi ìṣẹ́jú 5 sí sáfà tí kò kánjú, a fi ti ìsanwó sí ìṣẹ́jú 2. Lẹ́yìn náà la ní kí Prometheus máa pe súwíìṣì fúnra rẹ̀, kí ìkìlọ̀ `SwitchDown` sì jáde lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí ó lè ṣáájú ti sáfà. A wá kọ èyí sínú Alertmanager:

```
inhibit_rules:
  - source_matchers: [alertname="SwitchDown"]
    target_matchers: [alertname="HostDown"]
    equal: [site]
```

Bí súwíìṣì bá kú, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló máa wọlé, yóò sì dárúkọ ohun tó bàjẹ́ gan-an. Ẹ ṣọ́ra fún `site` yẹn, tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ wà: bí kò bá sí lára ìkìlọ̀ méjèèjì, Alertmanager yóò kà wọ́n sí bákan náà, súwíìṣì Bódìjà á wá pa sáfà ibòmíràn lẹ́nu mọ́. Ẹ rí i pé ó wà lára méjèèjì, kí ẹ sì dán an wò lọ́sàn-án nígbà tí gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀: ẹ yọ wáyà súwíìṣì, kí ẹ ka iye ìgbà tí fóònù dún.