Afẹ́fẹ́ fún yàrá ìránṣọ ní Muṣin: páìpù ti ní ìwọ̀n, ó ku fáànù

Mo ti parí ìṣirò páìpù. Fáànù kan ni yóò fa afẹ́fẹ́ ìta gba inú asẹ́, kí eruku títì má bàa ba aṣọ jẹ́, tí yóò sì pín in sí ẹnu mẹ́rin. Ẹnu kọ̀ọ̀kan yóò gba lítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 200.

Òfin tí mo tẹ̀ lé ni pé kí ìtì, ìyẹn agbára tó ń ti afẹ́fẹ́ lọ, tí afẹ́fẹ́ ń pàdánù lórí mítà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti fáànù dé ẹnu tó jìnnà jù. Mo fi í sí 0.8 Pa, ó pọ̀ jù; Pa, ìyẹn pascal, ni a fi ń wọn ìtì. Páìpù àkọ́kọ́, tó gbé lítà 200, bọ́ sí mìlímítà 250 (0.74 Pa ní mítà kan). Níbi tó ti ku lítà 100, ó di mìlímítà 200 (0.62 Pa). Níbi tó ti ku lítà 50, ó di mìlímítà 150 (0.74 Pa). Wọn kò dọ́gba géérégé, torí ìwọ̀n tí wọ́n ń ká páànù sí ni mo yàn.

Mítà 6, 5 àti 4 ni gígùn wọn, nítorí náà gbogbo páìpù tó tọ́ kò gbà ju 11 Pa lọ. Kọ́nà ló wá ń jẹ ìtì.

“Ṣé kọ́nà méjì péré ló ń dà yín láàmú báyìí, bùrọ̀dá?” ni ọ̀gá oní-páànù wí.

Mo fi ìṣirò hàn wọ́n: kọ́nà tí a gé ṣanṣan tí a sì lẹ̀ pọ̀ ń gba 12 Pa lórí páìpù àkọ́kọ́, bí ẹni fi mítà 16 kún páìpù. Èyí tí a fi abala márùn-ún ká, tó yí pẹ̀lẹ́, ń gba nǹkan bí 2 Pa. Ọ̀gá gbà láti ká a, owó wọn nìkan ló fò sókè díẹ̀.

Nígbà tí mo ṣírò ìtì fún fáànù, ọ̀nà kan ṣoṣo, èyí tó nira jù, ni mo tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ka pọ̀, ẹ ó ra fáànù ńlá tí ẹ kò nílò. Tèmi rèé: páìpù 11, kọ́nà méjì 4, ìpínyà méjì 8, ẹnu ìfàwọlé 20, ẹnu ìkẹyìn 15. Asẹ́ tuntun jẹ́ 50, ṣùgbọ́n 120 ni mo kà, ìyẹn bó ṣe máa rí nígbà tí eruku bá dí i. Àpapọ̀ jẹ́ 178 Pa.

Wọ́n kọ “lítà 220” àti “250 Pa” sára páálí fáànù tí mo kọ́kọ́ rí lọ́jà. Àwọn méjèèjì kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: 220 jẹ́ nígbà tí ohunkóhun kò dí i, 250 jẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò lọ rárá. Nígbà tí mo wo ìlà tó ń fi ìtì rẹ̀ hàn ní ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní lítà 200, 40 Pa péré ló kù, mo sì fi í sílẹ̀. Èyí tí mo máa rà ń fúnni ní 210 Pa ní lítà 200.

Ẹ̀ka tó sún mọ́ fáànù yóò fẹ́ gbé ju tirẹ̀ lọ, nítorí òfin yìí kì í mú àwọn ẹ̀ka dọ́gba. Nítorí náà, mo ti ní kí wọ́n fi ìdènà kékeré tó ń yí sí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ní omi nínú wọn ìtì láàárín iwájú àti ẹ̀yìn asẹ́. Mìlímítà omi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 10 Pa, nítorí náà bó bá dé mìlímítà 12, ó yá kí a pààrọ̀ asẹ́.