Ímeèlì tí mo kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Òjò ló jí mi láàárọ̀ yìí. Ní Ọ̀bàntokò tí à ń gbé ní Abẹ́òkúta, bí òjò bá ti ṣú báyìí ni iná ti máa ń lọ, bátìrì fóònù mi sì ti bọ́ sí 24. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ṣí ímeèlì tí mo kọ sí olùkọ́ wa lálẹ́ àná tí mi ò tíì fi ránṣẹ́. Mo kà á, ojú sì tì mí.

Ohun tí mo kọ ni pé: “Ẹ káalẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kò ṣe nǹkan kan rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀lẹ paraku ni, kò tiẹ̀ kà wá sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i.” Inú bí mi nígbà tí mò ń kọ ọ́, aago mọ́kànlá alẹ́ sì ti kọjá.

Ọjọ́ 3 oṣù yìí ni olùkọ́ wa pín wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún. Wọ́n ní ká lọ bá àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú sọ̀rọ̀, ká kọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye tí wọ́n máa ta aṣọ. Ọjọ́ 26 la máa kó iṣẹ́ sílẹ̀. A pín in pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá obìnrin mẹ́fà sọ̀rọ̀, kí ó sì kọ apá kan. Lágbájá (mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí) ló gba apá kẹta: owó aṣọ funfun, owó aró àti kọ́sítíìkì, owó ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló ní òun fẹ́ ẹ. Apá yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé, torí bí a kò bá mọ ohun tí wọ́n ná, kí la fẹ́ sọ nípa iye tí wọ́n ń tà?

Mo gbé fóònù fún àǹtí mi nígbà tó ń di irun ẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ni àǹtí mi ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Mósàn, lẹ́tà ẹ̀sùn kì í ṣe ohun tuntun lójú ẹ̀. Ó kà á tán, ó ní, “Kí lo fẹ́ kí obìnrin yìí ṣe?”

Mo ní kí wọ́n bá a wí.

“Lẹ́yìn tí wọ́n bá bá a wí, ta ló máa kọ apá kẹta?”

Mi ò fèsì. Ó dá fóònù padà. “Gbogbo ohun tó o kọ síbí, inú tó ń bí ẹ ni. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, olùkọ́ yín ò sì ní fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa pe ọmọ náà, ọmọ náà á ní òun ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ á wá di ‘mo ní, o ní’.”

Ó bọ́ síta, ó lọ bá ọkọ̀ ẹ̀. Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ kiri.

Orí Google Docs la ti ń kọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lò ó, ẹ mọ̀ pé ó máa ń pa ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ mọ́. Mo yá kọ̀ǹpútà ọmọ yàrá kejì, mo tẹ `File`, mo tẹ `Version history`, mo tẹ `See version history`, gbogbo ẹ̀ sì jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, orúkọ kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Mo wá orúkọ Lágbájá títí, mi ò rí i. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ẹ̀rí rèé. Mo ti fẹ́ ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà náà kí n so ó mọ́ ímeèlì kí n tó ṣàkíyèsí pé orúkọ ẹlòmíì tún wà tí mi ò rí. Ọmọbìnrin tó kọ apá kejì, tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ parí tirẹ̀ láàárín gbogbo wa, kò sí níbẹ̀ bí ẹni pé kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rí.

Ó yà mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo rántí. Dátà ọmọ náà kì í pọ̀, nítorí náà orí Wásáàpù ló ti ń kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi díẹ̀díẹ̀, èmi ni mo ń dà á kọ síbẹ̀. Àwọ̀ tèmi ló wà lára gbogbo apá kejì. Ẹni tó bá wo ojú ìwé yẹn láìmọ̀dí, á ní èmi nìkan ni mo ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Tí mo bá fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ni mo máa kó sí wàhálà. Ohun tí ìwé yẹn mọ̀ ni ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, kò mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Mo fi fọ́tò sílẹ̀. Mo mú bébà, mo kọ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti wà nílẹ̀ àti ẹni tó kọ wọ́n, mo kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé síwájú ẹ̀, mo sì ní kí àwọn mẹ́ta tó kù bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tó tún ta mí lólobó ni Wásáàpù. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé a ti fẹnu kò sí ọjọ́ 13, ọjọ́ 13 sì kọjá láìsí nǹkan kan látọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ímeèlì kejì báyìí. Ṣùgbọ́n mo ní kí n wo ibi tí mo ti sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín fi sínú ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ wá tẹ `Info`, ó máa fi ẹni tó ti kà á hàn yín lábẹ́ `Read by`, ẹni tó kàn dé sórí fóònù ẹ̀ á sì wà lábẹ́ `Delivered to`. Kódà ẹni tó ti pa àmì aláwọ̀ búlúù tirẹ̀, nínú ẹgbẹ́ kò lè fara pa mọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 5 tí mo fi pín iṣẹ́, tí mo ní kí kálukú parí ní ọjọ́ 16, Lágbájá kà á. Ọjọ́ 9 ni mo sún un wá sí 13. Èyí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò ṣí i. Kò sì ṣí ìkankan nínú èyí tó tẹ̀ lé e.

Kí n sòótọ́, ó dùn mí. Ọjọ́ 13 tí mo ti ń gbé gẹ̀gẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ọmọ náà kò mọ̀ nípa ẹ̀. A kò pè é sọ fún un, a kàn jù ú sínú ẹgbẹ́ ni. Ọjọ́ 16 ló mọ̀, ọjọ́ 16 sì ti kọjá pẹ̀lú ọjọ́ méjì. Ìyẹn náà tó láti fi ṣẹjọ́, n kò nílò láti fi 13 kún un.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ mo kọ̀wé sí òun nìkan pé tí n kò bá rí ohun tó ti ṣe títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa kọ̀wé sí Dókítà, olùkọ́ wa. Aago méjìlá ló fèsì: “Má bínú, wàhálà pọ̀ ni. Mo máa fi ránṣẹ́ tó bá yá.” Aago mẹ́rin lù. Mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú sí i, kì í ṣe nítorí inú rere, àmàlà ni mò ń rò.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ èyí tí mo wá fi ránṣẹ́, bó ṣe rí ní Yorùbá nìyí. Lórí ẹ̀ mo kọ orúkọ kọ́ọ̀sì àti nọ́ńbà ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó ṣí i:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹgbẹ́ kẹrin ni wá. Apá 1, 2, 4 àti 5 iṣẹ́ wa ti wà nílẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹni tó kọ wọ́n àti ọjọ́ tí wọ́n dé wà ní ìsàlẹ̀. Apá 3 kò tíì wà. Ọjọ́ 5 ni Lágbájá gbà á, ọjọ́ 16 la sì jọ fi sí. A pè é ní ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 17, kò gbé e. Lónìí ó ní òun máa fi ránṣẹ́, a kò tíì rí i. A kò mọ ohun tó fà á. Ọjọ́ 8 ló kù. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè gbà wá láyè kí àwa mẹ́rin pín apá 3 ṣe bí kò bá wọlé títí di ọjọ́ 21, ká sì kọ orúkọ kálukú síwájú ohun tó ṣe? Ẹ ṣé mà.”

Ó kù kí n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ká má fi ti Lágbájá kún àwọn tó máa rí i, pé ṣe ni ó máa bínú. Èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó pé ó máa kà á, mo yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, “lẹ́ẹ̀kan sí i,” tí mo ti kọ ṣáájú “a kò tíì rí i”, torí ẹ̀gàn ló wà nínú ẹ̀. Mo fi àdírẹ́sì àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Nínú àáró, bí bàbá mi àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, ẹni tí kò bá wá sí oko ẹ, ìwọ náà kò ní lọ sí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n oko kan ṣoṣo ni wọ́n fún àwa márùn-ún, kò sí oko ẹnikẹ́ni tí mo lè kọ̀ láti lọ.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí Lágbájá dá gbogbo wa lóhùn. Inú bí i lóòótọ́. Ó ní òun lọ sí Ìtòkú, pé àwọn obìnrin náà ní kí òun ra aṣọ kí àwọn tó sọ iye tí àwọn fi ṣe é, pé méjì péré ló dá òun lóhùn nínú mẹ́fà. Ó ní kò yẹ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mò ń wá ibi tó ti máa ní mo purọ́. Kò sí. Kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ 16.

Obìnrin méjì tó bá sọ̀rọ̀ yẹn, kò sọ ọ́ fún wa rí. Tó bá ti sọ ọ́ ní ọjọ́ 10, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin tó kọ apá kejì ń rẹ aṣọ níbẹ̀, ọjọ́ náà ni wọn ì bá mú un wọlé.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ kí Dókítà tó dáhùn, ìlà méjì: “Mo ti rí i. Ẹ kọ orúkọ kálukú síwájú ohun tó ṣe, yálà apá 3 wọlé tàbí kò wọlé. Lágbájá, fi ti obìnrin méjì yẹn ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ lálẹ́ òní.”

Ó fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá ku díẹ̀, fọ́tò ìwé tó fi gègé kọ, ojú ewé kan ti rin nínú omi. Mo fẹ̀ ẹ́ sí i, mo rí “kọ́sítíìkì”, n kò rí iye tó wà níwájú ẹ̀ kà. Mo bi í léèrè. Àmì méjì ti yọ, kò tíì di búlúù.