Àdírẹ́sì Tuntun: Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo kó lọ sí Mówè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó sídìí tábìlì oníbàárà ní báǹkì, ẹ ó gba fọ́ọ̀mù àdírẹ́sì lọ́wọ́ èèyàn títí yóò fi sú yín. Èmi náà ti ń gbà á tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo kó kúrò l'Ágége lọ sí Mówè ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Ìwé NIN mi ni mo kọ́kọ́ mú lọ sí báǹkì tí mo ń fowó pamọ́ sí. Wọ́n dá a padà. Ìwé yẹn ń sọ ẹni tí mo jẹ́, kò sọ ibi tí mò ń gbé báyìí. Bíìlì iná tàbí ti omi tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ ni wọ́n ń fẹ́. Mítà tí a máa ń ra káàdì sí ló wà nílé tuntun yìí, kò sí bíìlì olóṣooṣù, nítorí náà mo tẹ rìsíìtì káàdì tí mo rà jáde. Àdírẹ́sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ láńlọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀.

Ìwé àdéhùn ilé ló yọ mí. Orúkọ láńlọ́ọ̀dù tó wà lórí rìsíìtì wà nínú rẹ̀, orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Bí oníbàárà bá wá bá yín, ẹ to ìwé méjèèjì síra, kí ẹ fìka tọ orúkọ láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ wo nọ́ńbà ojúlé dáadáa. Nínú ìwé àdéhùn tèmi, 12 ni; lórí rìsíìtì, 12A. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyẹn fi dá mi dúró, títí láńlọ́ọ̀dù fi kọ lẹ́tà pé ilé kan náà ni.

Lẹ́yìn náà ni báǹkì rán ẹnìkan wá wo ilé. Ó béèrè mi lẹ́nu géètì, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni: orúkọ ọmọ mi ni gbogbo àdúgbò fi ń pè mí. Láti ìgbà náà, mi ò gba fọ́ọ̀mù kankan láìbéèrè orúkọ tí wọ́n ń pe oníbàárà ní àdúgbò, àti ohun tó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù, bóyá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé epo.

Ti NIN, ìkànnì àjọ NIMC ni mo ti tún un ṣe, mo sì sanwó. Owó orí ni mo gbàgbé. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì wà. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Mówè wà, síbẹ̀ Èkó ṣì ni ọ́fíìsì wa ń san tèmi fún, nítorí pé n kò tíì kọ̀wé sọ fún wọn pé mo ti kó.