Ibi tí lógò máa dúró sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí, ló ní kí n ṣe fídíò kékeré kan tí lógò àwọn á fi máa yọ ṣáájú fídíò ọjà wọn. Sẹ́kọ́ńdì 4 péré ni. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to fídíò, ni mo lò. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò tíì ka orúkọ mi tán tó fi parí."

Òótọ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń to kíífréèmù bọ̀, ìyẹn àmì tó ń sọ bí lógò ṣe máa rí ní fréèmù kan: mo gbé Zoom, nọ́ńbà ìwọ̀n lógò, sí 0, mo ń sọ ọ́ di ńlá díẹ̀díẹ̀. Kó tó dé ìwọ̀n tó yẹ, àkókò ti lọ.

Ìparí ni mo ti wá ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Fréèmù 25 ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan lórí táìmùláìnì mi, nítorí náà 100 ni gbogbo rẹ̀. Mo gbé ìlà pupa tó ń rìn yẹn sí fréèmù 20, mo fi Zoom sí 0.500, ìwọ̀n tí mo fẹ́ kí lógò jókòó sí, mo sì tẹ àmì dáyámọ́ǹdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zoom nínú Inspector, ibi tí a ti ń yí nọ́ńbà wọ̀nyí. Ìyẹn ni kíífréèmù. Ó pọ́n. Mo padà sí fréèmù 0, mo tẹ 0.000. Lẹ́yìn náà mo lọ sí fréèmù 15, mo tẹ 0.540. Lógò á yọ, á tóbi kọjá ààlà díẹ̀, á wá fìdí kalẹ̀. Mo dán 0.650 wò, ó ń ta bíi bọ́ọ̀lù. Kò bá àdìrẹ mu rárá. Láti fréèmù 20 dé òpin, lógò ò mira mọ́, ojú sì ráyè kàwé.

Ohun kan tún yọ mí lẹ́nu. Lógò ń ta gìrì lẹ́yìn tó ti jókòó. Mo wá rí i pé fréèmù 21 ni mo wà nígbà tí mo fẹ́ tún 0.500 ṣe, tí mo sì ti fi èèṣì tẹ 0.510. Tí kíífréèmù bá ti wà lórí Zoom, ibikíbi tí ẹ bá ti yí nọ́ńbà, òmíràn á wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáyámọ́ǹdì fò dé orí kíífréèmù gan-an, kí ẹ rí i pé ó pọ́n, kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà.

Ìrìn rẹ̀ ṣì le gbagidi. Mo tẹ `Shift+C`, ìlà Zoom yọ sísàlẹ̀, ó gún bíi rúlà. Mo tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ títí ó fi rọra nà gbalaja bó ṣe ń dé fréèmù 20.

Mo fi ránṣẹ́ sí Màmá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ó dára, kí n bá àwọn fi nọ́ńbà fóònù sábẹ́ lógò. Inú fréèmù 80 tó dúró jẹ́ẹ́ yẹn ni mo ti rí àyè fún un.