Ohun Funfun Tó Yí Irun Ká: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Bánà Ọjọ́ Ìbí

Bánà ọjọ́ ìbí ni, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, a sì ti tẹ̀ ẹ́ tán kí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí tó wọlé. Ọmọ rẹ̀ pé ọdún 21. Iwájú ògiri funfun ni wọ́n ti ya fótò tó mú wá, irun ọmọ náà jẹ́ áfúrò tó kún dáadáa, èmi sì gé e kúrò níbẹ̀, mo gbé e sórí àwọ̀ wáìnì tó ṣú. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, “Bọ̀dá, kí ló yí orí ọmọ mi ká yìí? Ṣé ó ti kú ni, tí ẹ fi fi ìmọ́lẹ̀ sí i lórí?” Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ọ̀gá mi tún bánà náà tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì yọ owó rẹ̀ nínú owó mi.

Írésà ni mo dá lẹ́bi lọ́jọ́ náà. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo mú írésà tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo ń ha etí irun náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun funfun náà ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun ń bá a lọ. Nígbà tí mo fi parí, ó dà bíi pé ọmọbìnrin náà dé fìlà dúdú kan tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀.

Ohun tí kò yé mi nígbà náà ni pé kò sí ojú ibi tí irun ti parí tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀ nínú fótò yẹn. Ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì ni fótò fi para pọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò sì lè ní ju àwọ̀ kan lọ. Nínú irú fótò tí àwọn oníbàárà ń mú wá, fọ́nrán irun kan sábà máa ń tín-ínrín ju píksẹ́lì kan lọ. Bí fọ́nrán náà bá gba ìdajì píksẹ́lì, tí ògiri sì gba ìdajì tó kù, kámẹ́rà á po àwọ̀ méjèèjì pọ̀, á sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀. Bí mílíìkì tí a dà sínú tíì ló rí. Írésà àti gbogbo irinṣẹ́ tó ń gé nǹkan, ọ̀bẹ ni wọ́n, ọ̀bẹ kò sì lè ya mílíìkì kúrò lára tíì.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà wò ó. Ká sọ pé 0 ni dúdú pátápátá, 255 sì ni funfun pátápátá. Ògiri jẹ́ 255, irun jẹ́ 35. Píksẹ́lì tí wọ́n jọ pín dọ́gba á jẹ́ 145, ìyẹn eérú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá fi máàsìkì, ìyẹn ìbòjú tó ń pinnu ibi tó máa hàn àti ibi tó máa pamọ́ lára fótò, gé e dáadáa, débi pé píksẹ́lì yẹn jẹ́ kí ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ gbé e sórí àwọ̀ tuntun tó ṣú, tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 25. Kọ̀ǹpútà á mú ìdajì 145 pẹ̀lú ìdajì 25, yóò rí 85. Bẹ́ẹ̀ 30 ló yẹ kí ó rí, nítorí ìdajì irun 35 àti ìdajì àwọ̀ 25 ni. Láàárín irun tó jẹ́ 35 àti àwọ̀ tó jẹ́ 25, ìlà tó jẹ́ 85 á tàn bí àtùpà. Ohun tó yí orí ọmọ náà ká nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé ìgé yẹn kò ní àbùkù kankan. Àwọ̀ ògiri tó ti wọ inú irun ni a gbé dání kúrò níbi tí a ti ya fótò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà àbáyọ ṣe hàn nínú òǹkà kan náà. Bí a bá mọ àwọ̀ ògiri, tí a sì mọ iye tí ògiri gbà nínú píksẹ́lì náà, a lè yọ ọ́. Ẹ mú 145, ẹ yọ ìdajì 255 kúrò, ìyẹn 127.5, ó ku 17.5. Ìdajì píksẹ́lì ni irun gbà, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 35. Àwọ̀ irun ti padà wá. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà kan tí a fi ń tún fótò ṣe, irinṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò yìí fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ni `Color to Alpha`, ó wà lábẹ́ `Layer`, nínú `Transparency`. Àwọn tó ń lo Photoshop ní `Decontaminate Colors` nínú `Select and Mask`, ó ń gbìyànjú láti fi àwọ̀ irun rọ́pò àwọ̀ ògiri ní etí. Ti GIMP ni mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, torí pé ẹ lè rí ohun tó ń ṣe.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ fi àwọ̀ tí iṣẹ́ náà máa jókòó lé sábẹ́ rẹ̀. Èmi gé ti ìjọ́sí lórí ojú funfun, ohun funfun náà sì sá pamọ́ síbẹ̀ títí ó fi dé orí bánà.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fótò náà kí ó di lẹ́yà méjì, ìyẹn ìpele méjì tó wà lórí ara wọn. Ti ìsàlẹ̀ wà fún irun, ti òkè wà fún ara. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì. `Color to Alpha` kò mọ ohun tí ń jẹ́ ògiri, funfun nìkan ló mọ̀: bí ọlọ́jọ́ ìbí bá wọ léèsì funfun, á jẹ léèsì náà, á jẹ eyín, á sì jẹ funfun ojú, ẹ ó wá máa rí àwọ̀ wáìnì láàárín ètè ènìyàn.

Lórí lẹ́yà irun, ẹ kọ́kọ́ ṣí `Levels`, irinṣẹ́ tó ń yí bí fótò ṣe mọ́lẹ̀ tó padà, kí ẹ gbé ògiri dé 255. Ògiri tí ojú ń rí ní funfun kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ 230 tàbí 240. Mo fo ìgbésẹ̀ yìí nígbà kan, mo sọ fún `Color to Alpha` pé 240 ni kó yọ, àmì funfun kéékèèké sì hù káàkiri. Píksẹ́lì tó mọ́lẹ̀ ju 240 lọ ni: irinṣẹ́ náà kà wọ́n sí ohun mìíràn tó yàtọ̀ sí ògiri, ó sì dá wọn sí. Bí ohun gbogbo tó jẹ́ ògiri bá ti wà ní 255, kò sí ohun tó lè mọ́lẹ̀ jù ú lọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí i pé fọ́nrán tín-ínrín tó wà lẹ́yìn òde ti ń pòórá, ẹ dá ọwọ́ dúró.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí `Color to Alpha`, kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ funfun. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ `Opacity threshold`, orí 1 ló máa ń wà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, dúdú pátápátá nìkan ni irinṣẹ́ náà máa kà sí ohun tó dí. Irun tiwa tó jẹ́ 35 á jẹ́ kí ẹ̀yìn hàn díẹ̀, á sì dúdú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ wo bí irun ṣe jìn sí ògiri: 255 yọ 35 jẹ́ 220, ẹ pín in pẹ̀lú 255, ó jẹ́ 0.86. Ẹ tẹ 0.86 síbẹ̀. Nísinsìnyí 35 ti dí pátápátá, 145 á sì jẹ́ kí ìdajì hàn, àwọ̀ rẹ̀ náà á padà sí 35. Òjìji kékeré tó bá kù lára ògiri, `Transparency threshold` á kó o, kí ẹ gbé e láti 0 lọ sí bíi 0.03. Ẹ fi máàsìkì bo ibi yòówù tí kì í ṣe irun lórí lẹ́yà yìí.

Lẹ́yà ara ló kù. Ẹ fi máàsìkì gé e, ṣùgbọ́n níbi irun, kí etí máàsìkì wà nínú irun lọ́hùn-ún, níbi tó ti dí, kí búrọ́ọ̀ṣì sì rọ̀. Ojú kò ní rí ibi tí lẹ́yà méjèèjì ti pàdé, torí irun dúdú ló wà lórí irun dúdú. Níbi èjìká àti aṣọ, píksẹ́lì kan tàbí méjì péré ni àdàlù ògiri máa ń wà, nítorí náà ẹ lè fi `Shrink` fa etí wọlé ní píksẹ́lì kan. Irun ni `Shrink` máa ń bà jẹ́: fọ́nrán kan, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ etí, bí ẹ bá fà á wọlé kò sí ohun tó máa kù.

Ohun funfun tó bá ṣì dúró síbì kan, ẹ tẹ `Lock alpha channel` lórí lẹ́yà irun, ẹ mú àwọ̀ láti inú irun tó wà nítòsí, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún jẹ́jẹ́. Àwọ̀ nìkan ló máa yí padà, bí fọ́nrán náà ṣe rí kò ní yí. Ẹ má fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun gbogbo orí o. Òkè irun máa ń mọ́lẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba á dà bí wíìgì.

Nígbà mìíràn, ẹ ó ṣe gbogbo èyí, ìlà funfun á ṣì dúró gírígírí. Ẹ padà sórí fótò tí wọ́n mú wá, kí ẹ sún un mọ́ ojú dé 400%. Bí ẹ bá rí ìlà kan tó mọ́lẹ̀ ju ògiri fúnra rẹ̀ lọ létí irun, fóònù tó yà á ló fi síbẹ̀ nígbà tó ń mú kí fótò gún régé. Ìyẹn kì í ṣe àdàlù, ìṣirò wa kò sì lè yọ ọ́. Ọwọ́ ni ẹ ó fi kùn ún. Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ ìdọ̀tí bíi onígun-mẹ́rin kéékèèké, WhatsApp ló fún fótò náà pọ̀. Ẹ ní kí oníbàárà tún un fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, ó sàn ju kí ẹ máa bá a jà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Irun funfun lórí ògiri funfun ni èyí tí mi ò rí ṣe rí. Ìyá àgbà ẹni 70 ọdún kan, ewú rẹ̀ jẹ́ 215, ògiri jẹ́ 240. Ìwọ̀nba 25 ló wà láàárín wọn, òjìji ara ògiri nìkan sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá yọ ògiri, ewú á bá a lọ. Bí mo bá fi ewú sílẹ̀, ògiri á dúró tì í. Mo bẹ àwọn ọmọ mama pé kí wọ́n jẹ́ ká tún fótò yà níwájú aṣọ eérú, kí mama sì dúró jìnnà sí i bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kí ìmọ́lẹ̀ ara aṣọ má baà ta sí i lórí. Wọ́n ní mama ti padà sí abúlé. Mo fi àwọ̀ kírímù ṣe bánà náà.