Ẹ béèrè ọjọ́ ìsanwó kí ẹ tó béèrè èlé

Ẹ̀yin onídìrí ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń ta mí lára. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo n'Íbàdàn níbí, mo fẹ́ gbà á kí n fi àga mẹ́ta kún ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó lè gbà wọlé: alájẹṣẹ́kù, báńkì kékeré, àti àwìn lọ́wọ́ ìyá tó ń ta irinṣẹ́ fún wa.

Ti alájẹṣẹ́kù ló rọ̀ jù. Mo ní 150,000 náírà nílẹ̀, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń yá wa, èlé rẹ̀ 30,000, oṣù 12 la fi ń san án. Àmọ́ a ń tò ni, kò tíì kàn mí, onílé ò sì ní dúró.

Mo bá gba báńkì lọ. 300,000 ni mo buwọ́ lù. Lẹ́yìn owó fọ́ọ̀mù àti owó tí wọ́n ní kí n fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, 264,000 ló wọ àkáǹtì mi. 15,000 lèlé oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́fà, bí gbèsè ṣe ń dín kù, èlé ò dín. Ní oṣù tó kẹ́yìn, 50,000 péré ló kù nínú owó wọn, 15,000 náà lèlé! Síbẹ̀, èlé kọ́ ló pa mí lára. 16,250 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e la sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í san, kápẹ́ńtà ò tíì kan díńgí mọ́ ògiri. Ta ló máa jókòó sórí àga tuntun nígbà yẹn? Àga àtijọ́ ló ń bọ́ báńkì.

Owó àga àtijọ́ yẹn ló yẹ kí n fi san àwìn. Mo ti gba dráyà mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá onírinṣẹ́ yẹn, 120,000 lówó ọwọ́, 150,000 láwìn oṣù méjì. (Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ajẹgbèsè, mo ti san ju ìdajì lọ.) Ní Sátidé kan, ìyá náà dé pẹ̀lú ọmọkùnrin méjì. Ìyàwó ojú ọ̀nà wà lábẹ́ dráyà, rólà kún orí ẹ̀, ó ṣì tutù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí irun èyí gbẹ." Wọ́n fa wáyà yọ. Ìyá ìyàwó dìde, ó ní kí wọ́n tú rólà náà, gbogbo wọn bá jáde, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wò mí.

Alájẹṣẹ́kù kàn mí lóṣù kejì, mo san gbèsè, dráyà padà.

Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí ìsanwó máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àga tuntun ò ní tíì pawó lọ́jọ́ yẹn, ẹ ka iye tí àga àtijọ́ ń mú wọlé lọ́sẹ̀ tọ́jà ò yá. Bí kò bá gbé e, ẹ fi sílẹ̀. Ọjọ́ ìsanwó ni o, kì í ṣe èlé. Àwìn tí mo ṣì ń gbà ò ju ti àtáṣímẹ́ǹtì lọ, torí ìyẹn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti wà lórí oníbàárà.