Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ ka ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó to àkọlé Sífíìkì

Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba kíláàsì SS 2 fún Sífíìkì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àkọlé mẹ́wàá ló wà níwájú mi fún sáà kìíní. Mo fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo fa ìlà sí i dáadáa, wọ́n sì buwọ́ lu ètò iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹwàá dé, àkọlé mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ìdánwò mi ti lọ sí ọ́fíìsì, ìbéèrè láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ka nóòtì sókè kí àwọn ọmọ lè kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́, wọn ò mọ ohun tí wọ́n kọ. Ó dùn mí, nítorí àwọn ọmọ náà kọ́ ló jẹ̀bi.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń ka ọ̀sẹ̀ tí mo ní gan-an. Sáà ọlọ́sẹ̀ mẹ́tàlá kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ìkọ́ni. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ sórí ìwọlé àti àtúnyẹ̀wò, ìkeje ni ìsinmi àárín sáà, ìkọkànlá jẹ́ ti àtúnyẹ̀wò, ìkejìlá àti ìkẹtàlá jẹ́ ti ìdánwò. Mẹ́jọ ló kù. Pẹ́ríọ́dù méjì la ní lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mẹ́rìndínlógún. Ẹ yọ ìsinmi òmìnira ti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ẹ yọ tẹ́ẹ̀sì méjì tí máàkì wọn wọ ìdánwò, ó ku mẹ́tàlá. Iye yìí ni mo ń kọ sókè ìwé kí n tó kọ àkọlé kankan.

Nígbà tí mo wo àkọlé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pẹ̀lú pẹ́ríọ́dù mẹ́tàlá lọ́wọ́, mo rí i pé wọn kì í ṣe ohun mẹ́wàá. Ìtumọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, oríṣi rẹ̀, ààlà rẹ̀ àti ọ̀nà tí èèyàn lè gbà béèrè rẹ̀ ní kóòtù, ẹ̀ka igi kan ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìṣàkóso òfin, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkópa aráàlú nínú ìṣèlú. Nítorí náà, mi ò gé àkọlé kankan, torí kì í ṣe tèmi láti gé ohun tí ìjọba yàn. Mo kó wọn sí ìdì mẹ́ta: ẹ̀tọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì dé ìkarùn-ún, ìṣàkóso òfin ní ìkẹfà àti ìkẹjọ, ìkópa nínú ìṣèlú ní ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí ọmọ tí kò mọ ohun tí òfin fún un kò ní rí ìdí tí òfin fi gbọ́dọ̀ ju aláṣẹ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni òpó èròńgbà nínú ètò iṣẹ́, níbi tí a ti ń kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe. Ní ọdún yẹn, mo kọ síbẹ̀ pé: «Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òye ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.» Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ní òye? Ọ̀rọ̀ bíi «mọ̀», «lóye» àti «mọrírì» kò ṣeé rí lójú, kò sì ṣeé fún ní máàkì. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo lè fi ojú rí ni mo ń lò, mo sì ń kọ ìbéèrè tí yóò dán èròńgbà náà wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí mi ò bá rí ìbéèrè kọ, èròńgbà yẹn kò tíì yanjú.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀sẹ̀ kẹrin wá, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹ̀tọ́ àti ojúṣe. Ní ìkẹta wọ́n ti dárúkọ ẹ̀tọ́ mẹ́fà láti orí kẹrin òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní abala 33. Ní ìkẹrin, abala 35 nìkan ni, ẹ̀tọ́ sí òmìnira ara ẹni, èròńgbà rẹ̀ sì kà báyìí: «Bí a bá fún un ní ìtàn ẹni tí ọlọ́pàá mú, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè tọ́ka sí ibi méjì tí wọ́n ti rú abala 35, yóò sì sọ ìdí rẹ̀.»

Ìtàn tí mo fún wọn rèé. Wọ́n mú kọ̀ńdọ̀ ọkọ̀ kan ní Ọbáléńdé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí ìjà lórí ṣéńjì. Di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un.

Òfin sọ pé kí wọ́n fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tó yé e. Ìyẹn ti kọjá láti àárọ̀ Ọjọ́rú. Ó tún sọ pé bí kóòtù tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni àkókò tó yẹ kí wọ́n fi gbé e dé ibẹ̀; ibòmíràn, ọjọ́ méjì ni, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Láti Ọbáléńdé, ẹ ò ní rin kìlómítà 40 kí ẹ tó dé kóòtù.

Níbi yìí ni mo ti ń mọ ẹni tí ẹ̀kọ́ wọ̀ létí. Àwọn kan máa ń kọ pé mímú tí wọ́n mú un pàápàá jẹ́ ìrúfin. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí abala yẹn kan náà gbà kí wọ́n mú ẹni tí wọ́n bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti fura sí pé ó dẹ́ṣẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń wọn kìlómítà láti ilé kọ̀ńdọ̀ dípò ibi tí wọ́n ti mú un. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta kíláàsì bá ṣe ọ̀kan nínú àṣìṣe méjèèjì, mi ò ní lọ sí ààlà ẹ̀tọ́ (abala 45) àti bí a ṣe ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Kóòtù Gíga (abala 46) tí mo kọ sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún láìkọ́kọ́ padà. Ìdajì pẹ́ríọ́dù ni mo máa ń fi padà, ó sì ti wà nínú ètò mi tẹ́lẹ̀.

Òpó kan ṣì wà tí mo fi kún ètò iṣẹ́ mi fúnra mi, tí wọn kò béèrè: «Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.» Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, èyí tí a kọ́ àti èyí tó kù. Bí òpó yìí bá ti fi pẹ́ríọ́dù méjì sẹ́yìn òpó àkọlé kí ìsinmi àárín sáà tó dé, mo máa ń lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ṣáájú kí ìbéèrè ìdánwò tó lọ. Ní ọdún tó kọjá, òjò fi omi kún àdúgbò wa, ọjọ́ kan gbáko ni ọ̀pọ̀ ọmọ ò lè wá. Mo fi ìwé náà han ọ̀gá ẹ̀ka wa, a yọ ìbéèrè kan kúrò lórí ìkópa nínú ìṣèlú, a sì fi kọ̀ńdọ̀ Ọbáléńdé rọ́pò rẹ̀.